Bí ẹ bá fẹ́ gbé tírámádọ̀ọ̀lù tàbí oògùn oorun lọ Sáúdí: ohun tó yẹ kí ẹ ṣe kí ọjọ́ ìrìnàjò tó pé

Alhaja kan wọ ṣọ́ọ̀bù oògùn mi nígbà tí Úmúrà wọn ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Wọ́n ti pé ẹni ọdún 64, orúnkún méjèèjì ń dà wọ́n láàmú, dókítà sì ti fún wọn ní oògùn tí wọ́n ń lò láti bí ọdún kan. Wọ́n ní kí n bá wọn ka èyí tó máa tó wọn lọ tó máa tó wọn bọ̀. Ni wọ́n bá yọ ike fítámì kan jáde nínú báàgì, wọ́n ṣí i, wọ́n da ohun tó wà nínú rẹ̀ sórí káńtà. Kápúsù aláwọ̀ ewé àti àwọ̀ ìyeyè ti dàpọ̀ mọ́ kóró funfun kéékèèké, owú díẹ̀ wà láàárín wọn, kò sí páálí, kò sí káàdì, kò sí orúkọ kankan.

Mo ní, "Alhaja, kí ni gbogbo èyí?"

Wọ́n ní, "Oníke ni ti orúnkún, funfun ni mo fi ń sùn. Dókítà ló kọ ọ́ fún mi, mi ò jí i."

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Tírámádọ̀ọ̀lù ni oníke, dayasẹ́páàmù sì ni funfun, èyí tí ọ̀pọ̀ wa ń pè ní Válíọ́ọ̀mù. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbé ike yẹn dé Jẹ́dà, aṣọ́bodè ò ní mọ̀ pé dókítà kọ ọ́. Oògùn olóró tí wọ́n pa mọ́ sínú ike fítámì ló máa rí. Bí wọ́n bá tilẹ̀ mú ìwé dókítà dání, ohun tí ìwé yẹn ń sọ kò ju pé tiwọn ni oògùn náà. Kò sọ pé ìjọba Sáúdí gbà kó wọlé. Ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, èkejì ni àwọn èèyàn máa ń gbàgbé.

Kí ló dé tí oògùn kan náà fi ń di ẹ̀ṣẹ̀ níbòmíì

Dayasẹ́páàmù, bùrómásẹ́páàmù tí à ń pè ní Lẹ́sótáànù, mọ́fíìnì àti kódíìnì wà nínú àdéhùn àgbáyé lórí oògùn olóró, ti ọdún 1961 àti ti 1971. Gbogbo orílẹ̀-èdè tó bá fọwọ́ sí àdéhùn yẹn ló ń ṣọ́ wọn. Tírámádọ̀ọ̀lù ni kò sí nínú rẹ̀. Ẹ lè rò pé ìyẹn mú un fúyẹ́, àmọ́ ṣe ló tún mú un le sí i, nítorí pé ìlú kọ̀ọ̀kan ló ń ṣe òfin tirẹ̀ lé e lórí. Oṣù kẹfà ọdún 2014 ni Bìrìtìkó fi í sábẹ́ òfin oògùn olóró, Amẹ́ríkà ṣe bẹ́ẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún yẹn kan náà, Ìjíbítì sì mú un le ju àwọn méjèèjì lọ.

Ní 2017, obìnrin ará Gẹ̀ẹ́sì kan bọ́ sílẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú Họ́gádà ní Ìjíbítì pẹ̀lú 290 kóró tírámádọ̀ọ̀lù. Ó ní ẹ̀yìn ló ń dun olólùfẹ́ òun tó jẹ́ ará ibẹ̀, ẹnì kan ló fún òun lóògùn náà nílé, òun ò sì mọ̀ pé wọn kì í gbé e wọ̀lú. Ilé ẹjọ́ rán an lẹ́wọ̀n ọdún mẹ́ta, ó sì lò ju ọdún kan lọ kí wọ́n tó dá a sílẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní 2019. Ẹ wo ohun tó pa á lára: oògùn náà kì í ṣe tirẹ̀, kò sí orúkọ rẹ̀ lára rẹ̀, iye rẹ̀ ju ti ẹni tó ń lọ sinmi lọ, kò sì béèrè lọ́wọ́ ìlú tó ń lọ. Ní Sáúdí, wọ́n lè torí gbígbé oògùn olóró wọ̀lú pa èèyàn. Ìdí nìyí tí mo fi ń bá Alhaja pariwo.

Ẹ ka orúkọ kékeré tó wà lára páálí

Orúkọ gàdàgbà tí ẹ mọ oògùn sí kọ́ ni aṣọ́bodè ń wá. Èyí tí wọ́n kọ wínníwínní sísàlẹ̀ rẹ̀ ni, orúkọ ohun tó wà nínú rẹ̀ gan-an. Ẹ gbé gbogbo oògùn tí ẹ ń lò jáde, ti ìfúnpá, ti àtọ̀gbẹ, ti ikọ́, kí ẹ kà á níkọ̀ọ̀kan. Apàrora míì wà tí parasitamọ́ọ̀lù ni orúkọ tó hàn lójú páálí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ kódíìnì tàbí tírámádọ̀ọ̀lù wà nínú rẹ̀. Àwọn tó ní àrùn fọ̀níkúfọ̀ládìde, tí wọ́n ń lo mọ́fíìnì, pẹntasósíìnì tàbí DF118, kí wọ́n mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kàn wọ́n gbọ̀ngbọ̀n. Kí ẹ fi pirigabálíìnì náà kún un, èyí tí wọ́n ń fún àwọn tí iṣan ń ta.

Bí ẹ bá ti rí ọ̀kan nínú wọn, ẹ wo ìwọ̀n rẹ̀. Tírámádọ̀ọ̀lù tó bá ju 100 mílígíráàmù lọ, NAFDAC kò forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Oní-225 tí wọ́n ń tà káàkiri lọ́jà, kò sí ìwé dókítà tó lè gbà yín lọ́wọ́ rẹ̀. Àjọ NDLEA máa mú yín ní Ìkẹjà kí ẹ tó rí ọkọ̀ òfurufú sójú.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí ìrìnàjò: ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà

Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé ṣé oògùn yìí ò ṣeé pààrọ̀. Orúnkún míì wà tí apàrora lásán àti òróró ìpara lè bá débi tó ń lọ. Bí dókítà bá gbà bẹ́ẹ̀, gbogbo wàhálà yìí ti parí. Àmọ́ ẹ má ṣe fúnra yín já oògùn lójijì nítorí ẹ̀rù aṣọ́bodè. Ẹni tó ti ń lo dayasẹ́páàmù lálaalẹ́ fún oṣù púpọ̀ tó wá dá a dúró lọ́jọ́ kan, gìrì lè gbé e. Ẹni tó já tírámádọ̀ọ̀lù bẹ́ẹ̀, òógùn á bò ó, ara rẹ̀ á máa gbọ̀n, kò ní lè sùn. Díẹ̀díẹ̀ ni dókítà máa ń dín in kù, ìyẹn sì ń gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Nítorí ẹ̀ ni mo ṣe ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kì í ṣe ọjọ́ mẹ́fà.

Ti Alhaja kò ṣeé pààrọ̀, torí náà lẹ́tà ló kàn. Kí dókítà kọ ọ́ sórí bébà tí orúkọ, àdírẹ́sì àti fóònù ọsibítù wà lókè rẹ̀, lédè Gẹ̀ẹ́sì, kó tẹ̀ ẹ́ lórí kọ̀ǹpútà. Mo ti rí lẹ́tà tí wọ́n fi bírò kọ tí èmi tí mò ń ka ìwé dókítà lójoojúmọ́ kò lè kà. Kó sọ àìsàn tó ń ṣe aláìsàn, orúkọ oògùn gan-an, ìwọ̀n rẹ̀, ìgbà mélòó lójúmọ́, iye kóró tó ń gbé lọ, àti ọjọ́ tó ń lọ àti èyí tó ń bọ̀. Kó fọwọ́ sí i, kó kọ nọ́ńbà ìwé àṣẹ iṣẹ́ rẹ̀, kó lu òǹtẹ̀.

Orúkọ aláìsàn níbẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ dúró lé lórí díẹ̀. Nínú káàdì ọsibítù Alhaja, "Ìyá Sikiru" ni wọ́n kọ. Lára ìwé oògùn, "Alhaja R." Nínú pásípọ́ọ̀tù, orúkọ mẹ́ta gígùn ni, kò sí Sikiru, kò sí Alhaja. Lójú wa nílé, èèyàn kan náà ni. Lójú ẹni tó jókòó sídìí tábìlì ní Jẹ́dà, èèyàn mẹ́ta ni, ó sì di dandan kó bi wọ́n pé oògùn ta ni wọ́n gbé wá. Mi ò dá nọ́ọ̀sì lẹ́bi o, èmi náà ti kọ "Mummy Túndé" sára oògùn oníbàárà rí, ó sì ní láti padà wá kí n tún un kọ nígbà tí ìrìnàjò rẹ̀ ku ọ̀la. Ẹ mú fọ́tókọ́pì pásípọ́ọ̀tù yín lọ sọ́dọ̀ dókítà àti apòògùn, kí wọ́n wò ó kọ orúkọ, lẹ́tà kan kò gbọdọ̀ yẹ̀.

Ẹ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ Sáúdí

Àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Sáúdí ni SFDA. Wọ́n ní ìkànnì kan fún oògùn tí wọ́n ń ṣọ́, ẹni tó bá ń gbé e wọ̀lú fún ara rẹ̀ ló ń gba àṣẹ níbẹ̀:

```
cds.sfda.gov.sa
```

Ẹ ṣí àkáǹtì, kí ẹ yan ti arìnrìnàjò. Wọ́n máa béèrè pásípọ́ọ̀tù, ọjọ́ tí ẹ ń wọlé àti ibi tí ẹ ń gbà wọlé, lẹ́yìn náà orúkọ oògùn, ìwọ̀n àti iye. Níbi orúkọ oògùn, orúkọ wínníwínní yẹn ni kí ẹ tẹ̀, `tramadol` tàbí `diazepam`, kì í ṣe orúkọ tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe é fún un. Ẹ fi àwòrán lẹ́tà dókítà, ìwé oògùn àti pásípọ́ọ̀tù ránṣẹ́. Bí ẹ kò bá mọ̀ ọ́n ṣe, kí ọmọ yín jókòó tì yín ṣe é. Mi ò fẹ́ kí ẹ kó o fún ẹjẹ́ńtì, nítorí ẹjẹ́ńtì tó ń kó ọgọ́rùn-ún èèyàn lọ máa kọ ohun tó bá rọrùn fún un, tí ẹ bá sì dé ẹnubodè, orúkọ yín ló wà lórí ìwé, kì í ṣe tirẹ̀.

Mo máa ń sọ fún àwọn èèyàn pé kí wọ́n ṣe é ó kéré tán lọ́sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú, torí pé wọ́n lè dá ìwé padà nítorí àwòrán tí kò hàn tàbí orúkọ tí kò bára mu. Bí àṣẹ bá jáde, ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà lẹ́ẹ̀mẹta: ọ̀kan sínú báàgì oògùn, ọ̀kan sínú pásípọ́ọ̀tù, ọ̀kan fún ẹni tó kù sílé. Bí wọ́n bá kọ̀ ọ́ tàbí tí ìdáhùn kò tíì dé títí ẹ fi fẹ́ gbéra, ẹ má gbé oògùn yẹn. Ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà kó wá ọ̀nà míì, tàbí kí ẹ sún ìrìnàjò síwájú.

Ìṣirò: ẹ má fi kóró kan lé e

Iye tí Sáúdí ń fàyè gbà ni èyí tó tó yín lò fún ọjọ́ tí ẹ máa fi wà níbẹ̀, tàbí ti ọgbọ̀n ọjọ́, èyí tó bá kéré nínú méjèèjì. Alhaja máa dé Jẹ́dà lọ́jọ́ kẹta oṣù, wọ́n á kúrò lọ́jọ́ kẹtàdínlógún. Bí a bá ka ọjọ́ tí wọ́n dé mọ́ ọjọ́ tí wọ́n ń padà, ọjọ́ 15 ni. Tírámádọ̀ọ̀lù oní-50 mílígíráàmù lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ jẹ́ kápúsù 30, káàdì mẹ́ta géérégé. Dayasẹ́páàmù oní-5 mílígíráàmù lẹ́ẹ̀kan lálẹ́ jẹ́ kóró 15, káàdì kan àbọ̀. Ti òwúrọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ń lọ, ilé ni wọ́n ti máa lò ó.

Wọ́n ní kí n fi káàdì kan kún un nítorí "bóyá ọkọ̀ òfurufú á pẹ́." Mo kọ̀. Bí ìwé àṣẹ bá sọ 30 tí wọ́n sì ka 40, mẹ́wàá tó lé yẹn kò ní àṣẹ kankan. Bí ọkọ̀ bá pẹ́ lóòótọ́, kí wọ́n mú lẹ́tà àti ìwé àṣẹ lọ sí ọsibítù níbẹ̀. Àwọn tó ń lọ Háàjì gan-an ló yẹ kó ronú sí èyí, nítorí ẹni tó bá máa lo ju ọgbọ̀n ọjọ́ lọ kò lè gbé èyí tó tó gbogbo rẹ̀. Ẹ ti ilé bá dókítà sọ bí ẹ ṣe máa ṣe àwọn ọjọ́ tó kù.

Bí ẹ bá fẹ́ gé káàdì sí méjì, ẹ wo ibi tí wọ́n lu ọjọ́ tí oògùn máa bàjẹ́ àti nọ́ńbà rẹ̀ sí. Ọwọ́ ìpẹ̀kun kan ló sábà máa ń wà. Apá yẹn ni kí ẹ gbé lọ, kí ẹ fi ìyókù sílé. Kí gbogbo rẹ̀ wà nínú páálí tirẹ̀, kí apòògùn lẹ bébà mọ́ ọn tí orúkọ yín bíi ti pásípọ́ọ̀tù, bí ẹ ṣe ń lò ó, iye rẹ̀, ọjọ́ àti àdírẹ́sì ṣọ́ọ̀bù wà lórí rẹ̀. Ike fítámì yẹn, mo gbà á lọ́wọ́ wọn, mo sọ ọ́ nù lójú wọn.

Báàgì ọwọ́ ni, kì í ṣe ẹrù ńlá

Oògùn àti ìwé rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú báàgì tí kò ní kúrò lára yín. Ìdí kan ni pé ẹrù ńlá máa ń sọnù. Ìdí kejì burú ju ìyẹn lọ. Ní ìparí 2018, wọ́n mú ọmọbìnrin akẹ́kọ̀ọ́ kan láti Kánò ní Sáúdí, ó bá ìyá àti ọmọ ìyá rẹ̀ lọ Úmúrà ni. Àwọn kan ní pápákọ̀ òfurufú Kánò ti fi orúkọ rẹ̀ mọ́ báàgì tí kì í ṣe tirẹ̀, tírámádọ̀ọ̀lù ló sì kún inú rẹ̀. Oṣù mẹ́rin ló lò ní àtìmọ́lé kí wọ́n tó dá a sílẹ̀ ní ọgbọ̀njọ́ oṣù kẹrin 2019, lẹ́yìn tí ìjọba Nàìjíríà dá sí i, tí ìwádìí nílé sì ti tú àwọn oníṣẹ́ ibi náà fó.

Ẹ wo bí ẹni tó ní ìwé tirẹ̀ pípé ṣe lè kó sí irú èyí. Nítorí náà, ẹ dúró ti ẹrù yín títí wọ́n á fi wọ̀n ọ́n. Ẹ ka iye bébà tí wọ́n so mọ́ ọn: bí ẹrù méjì lẹ gbé wá, bébà méjì péré ló yẹ kó wà lórúkọ yín, ìwọ̀n kílò tó wà lórí ẹ̀ sì gbọ́dọ̀ bá ti ẹrù yín mu. Ẹ fi fóònù ya ẹrù náà pẹ̀lú bébà rẹ̀ kó tó wọlé. Ẹni tó bá sọ pé "ẹ bá mi fi èyí fún Alfa tó wà ní Mẹ́kà, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni," ẹ jẹ́ kó bínú.

Bí ọkọ̀ yín bá máa ya Dùbáì, Káírò tàbí Àdísì kó tó dé Jẹ́dà, ẹ béèrè bóyá ẹ máa jáde gba ẹrù tàbí sun òtẹ́ẹ̀lì níbẹ̀. Tí ẹ bá ti kọjá iwájú aṣọ́bodè wọn, ẹ ti wọ ìlú nìyẹn, àṣẹ Sáúdí kò sì kàn wọ́n. Àjọ àgbáyé tó ń ṣọ́ oògùn olóró kó òfin ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè fún arìnrìnàjò jọ sórí `incb.org`. Ibẹ̀ dára láti bẹ̀rẹ̀, àmọ́ ẹ rántí ọ̀rọ̀ tírámádọ̀ọ̀lù. Bí ẹ kò bá rí i níbẹ̀, kò túmọ̀ sí pé wọ́n gbà á. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ aṣojú ìlú náà.

Ní ẹnubodè

Ẹ sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó tú ẹrù yín. Ẹ lọ bá aṣọ́bodè, ẹ na ìwé àṣẹ sí i kí ẹ tó na oògùn, kí ẹ sọ pé oògùn tí wọ́n ń ṣọ́ wà lọ́wọ́ yín. Ẹni tó sọ pé òun kò ní nǹkan kan, tí ẹ̀rọ wá fi oògùn hàn nínú báàgì rẹ̀, ti sọ ara rẹ̀ di afurasí kó tó yọ ìwé jáde.

Bí wọ́n bá dá yín dúró, ẹ má fọwọ́ sí ìwé tí ẹ kò lè kà. Ẹ béèrè ògbufọ̀, kí ẹ sì sọ pé ẹ fẹ́ kí wọ́n sọ fún aṣojú Nàìjíríà. Ẹ̀tọ́ yín ni lábẹ́ àdéhùn Fiẹ́nà ti 1963. A ní aṣojú ní Jẹ́dà, a sì ní ní Ríyáàdì. Ẹni tó kù sílé pẹ̀lú ẹ̀dà ìwé ni yóò pe dókítà kó jẹ́rìí, ìdí nìyẹn tí nọ́ńbà fóònù ọsibítù fi gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ẹnì kan ń gbé.

Fún àwọn tó ń ti Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà bọ̀

Ẹni tó ń gbé oògùn yìí wọ Bìrìtìkó tàbí jáde níbẹ̀, bí kò bá tó ti oṣù mẹ́ta, tí ìrìnàjò náà kò sì tó oṣù mẹ́ta, lẹ́tà dókítà tó ní orúkọ, ọjọ́ ìrìnàjò, oògùn àti iye rẹ̀ ni wọ́n ń béèrè. Bó bá tó oṣù mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó ní láti gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ ọ̀rọ̀ abẹ́lé wọn. Lẹ́tà yẹn tẹ́ Bìrìtìkó lọ́rùn ni, kò di dandan kó tẹ́ ìlú tí ẹ ń lọ lọ́rùn. Ẹni tó ń gbé Amẹ́ríkà tó wá ra irú oògùn bẹ́ẹ̀ ní Èkó láìní ìwé dókítà Amẹ́ríkà, ẹyọ 50 péré ló lè gbé padà, gbogbo irú wọn lápapọ̀, nínú páálí wọn, ó sì gbọ́dọ̀ sọ fún aṣọ́bodè. Omi ikọ́ oníkódíìnì ní tirẹ̀, Nàìjíríà ti fòfin de ṣíṣe àti gbígbé e wọ̀lú láti 2018, ẹ má rà á bọ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Alhaja lọ, wọ́n dé ní àlàáfíà. Wọ́n yẹ ìwé wọn wò ní Jẹ́dà, wọ́n ka káàdì, wọ́n ní kí wọ́n máa lọ. Ohun tí mo kìlọ̀ fún wọn gbẹ̀yìn ni pé wọn kò gbọ́dọ̀ fún ẹnikẹ́ni ní ẹyọ kan níbẹ̀, nítorí àwọn tó jọ sùn ní yàrá kan ní Mẹ́kà máa ń pín oògùn ẹsẹ̀ bí ẹni ń pín dàbínù, òfin sì lè pe ẹyọ kan yẹn ní pínpín oògùn olóró. Nígbà tí wọ́n padà wá sí ṣọ́ọ̀bù, mo bi wọ́n bóyá ẹnikẹ́ni béèrè.

"Ìyá Ìlọrin tí a jọ wà ni," wọ́n ní. "Ó bẹ̀ mí lóru ọjọ́ tí a ṣe tawáàfù. Mo ní orúkọ rẹ̀ kò sí lára páálí mi. Mo fún un ní parasitamọ́ọ̀lù, ó sì ń bínú sí mi dòní."